Ògì, omidùn, yógọ́ọ̀tì: èwo ló ní próbáyótíìkì nínú wọn ní tòótọ́?

Ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń káàkiri lórí Wásáàpù, wọ́n ní ká má ra yógọ́ọ̀tì mọ́, pé ògì tí à ń mu láàárọ̀ ní próbáyótíìkì ju ohunkóhun tó wà nínú ike lọ, pé ẹni tó bá ń mu omidùn lójoojúmọ́, ọgbẹ́ inú á lọ, táífọ́ọ̀dù á lọ, inú wíwú náà á lọ. Kò pẹ́ lòmíì tún dé, ìyẹn ní irọ́ gbáà ni, pé ìdọ̀tí lásán ló wà nínú omi ògì. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wá ń béèrè pé èwo ni káwọn gbà, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, torí ọmọ ló wà lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, àṣìṣe ńlá náà sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí próbáyótíìkì fúnra ẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yìí ti ń wá.

Kí ni wọ́n ń pè ní próbáyótíìkì?

Bakitéríà ni àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí. Àwọn kan nínú wọn ń fa àìsàn, èyí tó pọ̀ jù ò ṣe wá ní nǹkankan, àwọn kan sì ń ṣe wá lóore. Lọ́dún 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ kó àwọn onímọ̀ jọ sí ìlú Kọ́dóbà ní Ajẹntínà, wọ́n sì fẹnu kò sí i pé próbáyótíìkì ni ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ṣì wà láàyè, tó sì ń ṣe ara lóore téèyàn bá jẹ ẹ́ ní ìwọ̀n tó tó.

Ẹ fara balẹ̀ wò ó, nǹkan mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bakitéríà náà gbọ́dọ̀ wà láàyè nígbà tó ń wọ ẹnu wa. Ó gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, a ò sì lè sọ pé ó pọ̀ tó tẹ́nikẹ́ni ò bá kà á. Oore tó ń ṣe náà gbọ́dọ̀ ti hàn nínú ìdánwò tí wọ́n fi èèyàn ṣe, kì í ṣe pé ẹnì kan kàn ní ó ṣiṣẹ́ fóun. Oúnjẹ lè kan dáadáa, kó sì dára fún ara, kó má sì jẹ́ próbáyótíìkì. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ wa ló wà níbẹ̀ yẹn, kò sì bu iyì wọn kù rárá.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ike tí a rẹ àgbàdo sí?

Ká ní ẹnì kan rẹ kóńgò àgbàdo funfun kan nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó ti ṣa á, ó ti fọ̀ ọ́, ó da omi tútù bò ó, ó sì dé e. Kò bu ohunkóhun sí i tó máa mú un kan. Bakitéríà tó máa ṣiṣẹ́ náà ti wà lára àgbàdo, ó wà lára ike, ó sì tún wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi lọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oríṣiríṣi ló wà nínú omi yẹn, rere àti búburú, tó fi dórí àwọn tó ń mú nǹkan bu. Tó bá máa fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ máa rí i tí omi ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́, òórùn ẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn bakitéríà kan tí wọ́n ń sọ ṣúgà inú àgbàdo di omi kíkan ti ń pọ̀ sí i nìyẹn, bí omi bá sì ṣe ń kan sí i ni àwọn yòókù tí ò lè fara da kíkan yẹn ń kú. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó yọ èérí kúrò, ó wá fi ògì sílẹ̀ kó tòrò, kó sì kan fún ọjọ́ kan tàbí méjì sí i. Omi tó dá dúró lórí ẹ̀ ni omidùn. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, níbi tí omi lásán ti jẹ́ 7, ògì tó kan dáadáa máa ń sún mọ́ 4 tàbí kó tiẹ̀ lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Lọ́dún 1970, Akinrele, onímọ̀ kan ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Ọ̀ṣọ́dì, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí bí àgbàdo ògì ṣe ń kan. Bakitéríà tó rí pé ó ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni Laktobasílọ́ọ̀sì plántárúmù. Ẹ di orúkọ yẹn mú, a ṣì máa padà sórí ẹ̀.

Nítorí pé ẹnikẹ́ni ò gbin bakitéríà kan pàtó sínú ògì, ògì Ìyá Bọ́ṣẹ̀ àti ti Ìyá Sùlé ò lè jọra. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ omi orí ògì ẹ̀ lójoojúmọ́ ń da kíkan náà nù pẹ̀lú bakitéríà tó wà nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ti ẹ̀ kì í fi kan bíi ti ẹni tó fi í sílẹ̀.

Tí a bá ti da omi gbígbóná sí i, ṣé wọ́n ṣì wà láàyè?

Rárá o. Ibí yìí gan-an ni ohùn orí Wásáàpù yẹn ti ṣìnà.

Ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe é. A po ògì mọ́ omi tútù díẹ̀, omi ń hó lórí iná, a wá ń dà á sí i, a ń rò ó títí á fi ki. Kíki yẹn gan-an lẹ ó wò. Ògì àgbàdo ò ní ki àyàfi tí ooru inú ẹ̀ bá kọjá nǹkan bíi 62 sí 72 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Àwọn bakitéríà tó mú ògì kan ò lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ pẹ́, tí ògì bá sì wá padà sórí iná kó hó díẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ti parí. Torí náà ẹ ò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n: tí ògì bá ti ki nínú abọ́ yín, bakitéríà inú ẹ̀ ti kú. Ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé náà nìyẹn, ìyẹn tiẹ̀ tún pẹ́ lórí iná ju ògì mímu lọ.

Àmọ́ kí wọ́n tó kú, wọ́n ti ṣiṣẹ́, iṣẹ́ yẹn ò sì bá wọn lọ. Kíkan yẹn ṣì wà nínú ògì, kíkan ọ̀hún sì ń jẹ́ kó ṣòro fún ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn láti tètè pọ̀ nínú ẹ̀ tó bá ti tutù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní kẹ́ ẹ wá fi ògì sísè sílẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Ohun kan tún wà nínú àgbàdo tó máa ń di áyọ́ọ̀nù àti síǹkì mú tí ara ò fi ní lè rí wọn gbà, kíkan máa ń dín nǹkan yẹn kù. Oore nìyẹn, èèyàn sì máa ń rí i gbà bí bakitéríà tiẹ̀ ti kú.

Ohun tí ògì ò lè ṣe náà wà, mo sì fẹ́ káwọn tó ń fún ọmọ gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, púróténì àti áyọ́ọ̀nù tó pọ̀ máa ń bá èérí lọ, èérí yẹn la sì ń gbé fún ẹran. Tí ọmọ tó ti pé oṣù mẹ́fà bá ń mu ògì lásán láìsí nǹkankan nínú ẹ̀, yóò yó, àmọ́ kò ní dàgbà bó ṣe yẹ. Ẹ fi sóyà lílọ̀ sí i, tàbí ẹ̀pà, edé tàbí wàrà. Kò sí kíkan tó lè rọ́pò ìyẹn.

Omidùn tí a ò sè ńkọ́?

Bakitéríà inú ti ìyẹn wà láàyè lóòótọ́, wọ́n sì pọ̀. Àwọn àgbà wa ti ń lò ó tipẹ́, wọ́n ń fi í rẹ egbò àti èèpo igi fún àgbo, wọ́n sì ń fún ẹni tí inú ń yọ lẹ́nu mu. Àwọn onímọ̀ náà ò fojú di í o. Lọ́dún 1994, Olukoya àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ògì kan tí wọ́n fi bakitéríà tí wọ́n ṣà ṣe, èyí tí wọ́n rò pé ó lè wúlò fún ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ kíyè sí i pé ṣíṣà ni wọ́n ṣà á o. Wọ́n mọ èyí tí wọ́n fi sí i, wọ́n sì mọ ohun tó lè ṣe.

Omidùn tiwa nílé, a ò mọ iye tó wà nínú ẹ̀, a ò sì mọ nǹkan míì tó bá a wọlé. Omi tí wọ́n fi rẹ àgbàdo ńkọ́, ṣé omi kànga tó wà nítòsí ṣaláńgá ni? Ta ló fọ ẹ̀rọ ìlọ̀ kẹ́yìn, aṣọ asẹ́ sì ńkọ́? Kíkan máa ń pa kòkòrò àìsàn púpọ̀, àmọ́ kì í pa gbogbo wọn, kì í sì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, àgàgà tí ẹnì kan bá tún bu omi tútù míì lé e lórí láàárọ̀ yẹn. Àgbàlagbà tí ara ẹ̀ le lè mu ún kí nǹkankan má ṣe é. Àmọ́ ọmọ jòjòló, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tàbí ẹni tí agbára ara ẹ̀ láti gbógun ti àìsàn ti lọ sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún wọn ní omidùn tí a ò sè.

Ní ti ọgbẹ́ inú àti táífọ́ọ̀dù, kò sí ẹ̀rí pé omidùn ń wo ọ̀kankan nínú wọn. Bakitéríà kan ló ń fa táífọ́ọ̀dù, bakitéríà míì ló sì wà nídìí ọgbẹ́ inú tó pọ̀, oògùn tó lè pa wọ́n wà nílé ìwòsàn, ẹni tó bá sì fi omidùn dá ara ẹ̀ dúró sílé nígbà tí táífọ́ọ̀dù ń jẹ ẹ́ nífun, ìfun yẹn lè lu.

Ọmọ tó ń ṣu gbuuru, omi tó ń jáde lára ẹ̀ ló lè pa á. Omi iyọ̀ òun ṣúgà inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ni kẹ́ ẹ fún un, pẹ̀lú síǹkì fún ọjọ́ 10 sí 14, kó sì máa mu ọmú lọ. Tójú ẹ̀ bá ti jìn, tí kò lè mu nǹkan, tàbí tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ni.

Yógọ́ọ̀tì wá ńkọ́?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe yógọ́ọ̀tì yàtọ̀ níbi kan tó ṣe pàtàkì: wọn kì í sè é mọ́ lẹ́yìn tó bá ti kan, ó kéré tán bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé wàrà kaná dé nǹkan bíi 85 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì kó lè pa ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á jẹ́ kó lọ́ sí nǹkan bíi 43, wọ́n á wá fi bakitéríà méjì sí i, Laktobasílọ́ọ̀sì bọ́gáríkọ́ọ̀sì àti Sitirẹputokọ́kọ́ọ̀sì tamofílọ́ọ̀sì. Láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ wàrà á dì, ó di fíríìjì.

Ó ní oore kan tí ẹ̀rí tó lágbára wà fún, ọ̀rọ̀ náà sì kan àwa Yorùbá gan-an. Ṣúgà kan wà nínú wàrà tí wọ́n ń pè ní láktóòsì. Ọmọ kékeré ní ohun tó ń gé ṣúgà yìí nínú ìfun ẹ̀, àmọ́ lára ọ̀pọ̀ èèyàn nǹkan yẹn máa ń lọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Lọ́dún 1971, Olíkóyè Ransome-Kútì, tó padà di mínísítà ìlera, wà lára àwọn tó gbé ìwádìí kan jáde lórí bí àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà ṣe ń da láktóòsì, wọ́n sì rí i pé àwọn àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò, agbára káká ni wọ́n fi rí ẹni tó lè dà á dáadáa nínú wọn, nígbà tí àwọn Fúlàní tó ń da màlúù ń dà á ní tiwọn. Ìdí nìyẹn tí inú ọ̀pọ̀ nínú wa fi máa ń kùn, tó máa ń wú, tí a bá mu ife wàrà tútù kan tán. Bakitéríà inú yógọ́ọ̀tì ti jẹ díẹ̀ nínú láktóòsì yẹn, wọ́n tún ń bá wa gé èyí tó kù nínú ìfun. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ wà láàyè kí wọ́n tó lè ṣe ìyẹn.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ohun mímu tí wọ́n ń pè ní yógọ́ọ̀tì, tó ń jókòó oṣù mélòó kan lórí káńtà láìsí fíríìjì, wọ́n ti tún un gbé kaná lẹ́yìn tó kan, kó má baà bàjẹ́. Wọn ò fi purọ́ o, ó máa ń wà lára ike ẹ̀ nígbà míì pé wọ́n fi ooru tọ́jú ẹ̀. Àmọ́ bakitéríà inú ẹ̀ ti kú, bíi ti ògì gbígbóná gẹ́lẹ́. Kíki rẹ̀ ò ṣe ẹ̀rí kankan, torí wọ́n lè fi nǹkan mú un ki.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè dán an wò nílé. Ẹ gbé wàrà ìdajì lítà kaná títí tó máa fẹ́ hó, ẹ jẹ́ kó lọ́ títí ìka tó mọ́ á fi lè wà nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ sì ka oókan dé ẹẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá po ṣíbí méjì yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà mọ́ ọn. Ẹ dà á sínú fúláàsìkì tí ẹ ti fi omi gbígbóná ṣàn, ẹ fi sílẹ̀ wákàtí mẹ́jọ. Tó bá dì, tó sì kan, àwọn bakitéríà yẹn wà láàyè. Tó bá ṣì rí bíi wàrà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kú, ẹ da wàrà yẹn nù, ẹ má mu ún, torí ó ti pẹ́ nínú ooru.

Tí wọ́n bá dé inú ìfun, kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Àpòlúkù ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà kọjá, omi kíkan tó wà níbẹ̀ le gan-an, púpọ̀ nínú wọn á kú síbẹ̀. Àwọn tó bá yè á gba ìfun kékeré dé ìfun ńlá, níbi tí ọ̀kẹ́ àìmọye bakitéríà tiwa ti tẹ̀dó látìgbà tí wọ́n ti bí wa. Bí àlejò tó dé sínú agbo ilé ńlá làwọn tá a jẹ wọlé rí. Àlejò náà á bá wọn ṣiṣẹ́ díẹ̀, á jẹ nínú ohun tí kòkòrò burúkú ì bá jẹ, á sì mú kí àyíká ibẹ̀ kan díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe onílé, láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan téèyàn bá ti dá a dúró, ó ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ife yógọ́ọ̀tì kan lóṣù ò fi lè ṣe nǹkan kan tó ṣeé rí.

Àwọn bakitéríà kan tí wọ́n ti yẹ̀ wò dáadáa máa ń dín ìgbẹ́ gbuuru tí ánítíbáyótíìkì ń fà kù. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dán irú wọn wò lára àwọn ọmọdé tó ti ń ṣu gbuuru tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, àbájáde ìdánwò ńlá méjèèjì tó jáde lọ́dún 2018 fi hàn pé kò yàtọ̀ sí oògùn tí ò ní nǹkankan nínú. Lọ́dún 2021, ní yunifásítì Sítáńfọ́ọ̀dù, wọ́n pín àgbàlagbà 36 sí ọ̀nà méjì, àwọn kan ń jẹ oúnjẹ kíkan bíi yógọ́ọ̀tì gan-an, àwọn kan ń jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà púpọ̀. Oríṣi bakitéríà tó wà nínú ìfun àwọn tó ń jẹ oúnjẹ kíkan pọ̀ sí i, àwọn àmì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé ara ń gbóná nínú sì lọ sílẹ̀. Èèyàn 36 kéré, mo mọ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n rí yẹn dára.

Ẹ wá rántí Laktobasílọ́ọ̀sì plántárúmù inú ògì. Lọ́dún 2017, ìwádìí kan jáde láti àwọn abúlé Odíṣà ní Íńdíà, wọ́n fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tuntun ní bakitéríà tó ń jẹ́ orúkọ yìí pẹ̀lú ṣúgà kan tó ń bọ́ ọ, àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pa ọmọ tuntun sì dín kù gan-an. Àwọn tó ń polówó omidùn ti gbé ìròyìn yìí báyìí, wọ́n ní "ẹ ò rí i, bakitéríà ògì ni!" Orúkọ ló jọ. Nínú bakitéríà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ìdílé oríṣiríṣi ló wà, ìwà wọn ò sì dọ́gba. Ìdílé kan ṣoṣo ni wọ́n lò ní Odíṣà, inú ilé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n ti pèsè ẹ̀, wọ́n mọ iye tó wà nínú kápúsù kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì fún ọmọ kankan ní omi tí wọ́n bu látinú ike.

Báwo la ṣe ń mọ ògì tó ti bàjẹ́?

Ògì tó kan dáadáa máa ń ta nímú, òórùn ẹ̀ mọ́, àwọ̀ ẹ̀ ò sì yí padà. Tó bá ti ń pọ́n lójú, tó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá, tó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi, tàbí tó ń hu nǹkan dúdú tàbí aláwọ̀ ewé lókè, ẹ dà á nù pátápátá, ẹ má fi ṣíbí yọ orí ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ wá se ìyókù.

Èyí tó burú jù lọ ni èyí tí ojú àti imú ò lè mú nínú ògì. Àgbàdo tó ti bu kí wọ́n tó rẹ ẹ́ lè ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní áfúlátọ́síìnì, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Rírẹ àti sísẹ́ lè dín in kù díẹ̀, àmọ́ kíkan ò lè mú gbogbo ẹ̀ kúrò, omi tó ń hó ò sì lè pa á. Orí àtẹ, kí àgbàdo tó fojú kan omi rárá, ni wọ́n ti ń yọ ìyẹn kúrò: ẹ da á síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kẹ́ ẹ ṣa gbogbo èyí tó dúdú, tó fọ́, tó hunjọ tàbí tó ní àwọ̀ ewé kúrò, kẹ́ ẹ má sì gbé èyí tẹ́ ẹ ṣà yẹn fún adìyẹ.